Ẹ Kí Mi Kú Ọ̀fọ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Ẹlẹgbẹ́ Mi

Ẹ̀yin àgbà mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní yàrá olùkọ́,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìta gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà káàkiri Ìbàdàn àti ibòmíì tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí, tí ojú sì tì wọ́n láti sọ ọ́. Ajá mi, Sùúrù, kú. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ ni bó ṣe kú, àti ohun tí ẹ̀rín yín ṣe fún mi lẹ́yìn tó kú.

Ajá ìbílẹ̀ ni Sùúrù, pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan dúró ṣinṣin, èkejì tẹ̀ wálẹ̀. Ẹnì kan ló gbé e jù sẹ́bàá ọjà Bódìjà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọdún mẹ́tàlá ló lò lọ́dọ̀ wa. Fún ajá ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, níbi tí mọ́tò, májèlé eku àti àìsàn ti ń pa ọ̀pọ̀ wọn ní kékeré, ọjọ́ orí ńlá nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bi mí bóyá ó jẹ májèlé, kíndìnrín ló pa á. Omi ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Abọ́ omi tó máa ń tó o láti àárọ̀ di alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ kí oòrùn tó mú, ó sì ń jí mi lóru pé kí n ṣílẹ̀kùn kí òun lọ tọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé ara ajá náà dá, ó ń mumi dáadáa, ó ń tọ̀ dáadáa. Àìsàn gan-an nìyẹn. Kíndìnrín ló ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń dá omi padà sára kó má baà ṣòfò. Bó bá ti ń bàjẹ́, omi kò ṣeé dá padà mọ́, á máa bá ìtọ̀ lọ, ajá á sì máa mu sí i kí ara rẹ̀ má baà gbẹ. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ nípa kíndìnrín lọ́dọọdún, mo ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó títí, kó tó di pé mo rí i bó ṣe ń kú lára ẹni tí mo fẹ́ràn.

Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹranko, ohun kan tí wọ́n ń pè ní kíréátíníìnì wà ní 3.1. Ìdọ̀tí tó ń ti ara iṣan jáde ni, tí kíndìnrín tó dá ṣáṣá máa ń dà nù. Nínú ajá tí ara rẹ̀ le, kì í sábà kọjá 1.4. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, fa àga tì mí, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní kí nọ́ńbà yẹn tó gòkè débi tí a ó fi rí i, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára kíndìnrín á ti lọ, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Mo bi í bóyá èmi ni mo fà á. Ó bi mí bóyá mo máa ń fún un ní oògùn ara ríro tí èèyàn ń lò, ó ní irú bíi ibuprofẹ́ẹ̀nì máa ń ba kíndìnrín ajá jẹ́. Mo ní rárá. Ó bi mí nípa eku, nítorí àìsàn kan wà tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi, tó máa ń kọlu kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ajá. Àbájáde rẹ̀ kò fi ìyẹn hàn. Ó ní ọjọ́ ogbó ni, kí n yọ ọwọ́ ara mi kúrò níbẹ̀.

A tọ́jú rẹ̀. A dín ẹran àti ẹja gbígbẹ kù, a yọ egungun kúrò pátápátá, nítorí èròjà kan tó pọ̀ nínú egungun máa ń ṣu jọ sínú ẹ̀jẹ̀ bí kíndìnrín kò bá lè lé e jáde mọ́. Ìrẹsì rírọ̀ àti funfun ẹyin ló wá di oúnjẹ rẹ̀. Dókítà kọ́ mi bí mo ṣe lè máa fi omi sí i lábẹ́ awọ nílé: mo á so àpò omi iyọ̀ kọ́ ìṣó lára ògiri, mo á fa awọ àárín èjìká rẹ̀ sókè, mo á sì ti abẹ́rẹ́ bọ àyè tó bá ṣí sílẹ̀ lábẹ́ awọ náà, tí nǹkan bíi 200 mílílítà á fi wọlé. Iké kékeré á yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara á ti fà á mu. Sùúrù kì í jà. Á gbórí lé orúnkún mi títí àpò á fi rọ̀. Oṣù tó dára ni a lò bẹ́ẹ̀, àwọn oṣù tí mò ń sáré kúrò níléèwé kí aago mẹ́rin tó lù, tí ẹ sì ń bi mí pé ta ló ń dúró dè mí nílé.

Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìtọ̀, egbò yọ sí ahọ́n rẹ̀, èèbì kò sì dá mọ́. Èrìgì rẹ̀ funfun, nítorí kíndìnrín náà ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn eegun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn mọ́. Kíréátíníìnì ti kọjá 8. Ìbéèrè mẹ́ta ni dókítà bi mí. Ṣé ó ṣì ń jẹun fúnra rẹ̀? Ṣé ó ṣì ń dìde lọ tọ̀ níta? Ṣé ó ṣì ń wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà? Rárá ni ìdáhùn gbogbo rẹ̀. Kò sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fòpin sí ẹ̀mí rẹ̀, kò sì sọ pé kí n má ṣe é. Ó ní bí mo bá mú un padà sílé, ó lè lo ọjọ́ bíi mélòó kan sí i, ìnira ni yóò sì fi lò ó.

Mo ń sọ èyí nítorí ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ lọ́la. Abẹ́rẹ́ méjì ni. Èkíní máa ń mú un tòògbé, kó má mọ ohun tó ń lọ mọ́. Èkejì, oògùn oorun iṣẹ́ abẹ ni, àmọ́ ó pọ̀ ju èyí tí ara lè gbà lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n ń gbà fún un, láìpẹ́ sì ni mímí á dúró, ọkàn á sì tẹ̀ lé e. Kí dókítà tó ṣe é, ó sọ ohun mẹ́ta fún mi: pé ojú rẹ̀ kò ní padé, pé ó lè tọ̀ sára, àti pé ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn tí ọkàn bá ti dúró, pé iṣan ara ló ń fà á, kì í ṣe pé ó ń jẹ̀rora. Nígbà tí Sùúrù sì mí kanlẹ̀, mo mọ̀ pé kò jí. Ẹ̀yin dókítà ẹranko tí ẹ bá ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn èèyàn ṣáájú. Mo mọ ẹni tí kò sẹ́ni tó sọ fún, tó sì gbà títí dòní pé ajá òun kò tíì kú nígbà tí wọ́n gbé e sínú ilẹ̀.

Onílé wa ní kí a jù ú sí ààtàn. Mi ò gbà, ìdí tó sì wà níbẹ̀ ju ìfẹ́ lọ: oògùn yẹn máa ń wà nínú òkú fún ìgbà pípẹ́, ajá tàbí ẹyẹ igún tó bá jẹ ẹ́ lè kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún mọ́tò ṣe lójúlé kejì ló bá mi gbẹ́ ilẹ̀, ó jìn tó mítà kan kí ajá mìíràn má baà hú u, a sì jìnnà sí kànga. Kò gba owó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, ajá yìí máa ń kí mi láràárọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, mo wá síṣẹ́. Ojú mi wú, ẹ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sì sọ òtítọ́. Ẹ rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ní, "Ajá lásán?" Ẹlòmíì ní mi ò bá má tíì sin ín, à bá fi se pẹpẹsúùpù. Ẹ rẹ́rìn-ín gan-an. Mo bá yín rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ń tì mí, mo sì gba yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún mi.

Mo ti rò ó títí, ohun tó sì yà mí lẹ́nu nìyí. Nígbà tí ọkọ̀ pa ewúrẹ́ méjì fún ìyá tó ń ta oúnjẹ fún wa, gbogbo wa pátá la lọ kí wọn. Nígbà tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi ní Ìwó Róòdù, ẹ ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò." Àwa Yorùbá kì í wá ọ̀rọ̀ tì nígbà tí ẹnìkan bá pàdánù nǹkan. Ẹ̀rọ ìlọta bàjẹ́, a kí i. Òjò gbé búlọ́ọ̀kù lọ, a kí i. Ewúrẹ́ àti fóònù ní iye tí wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà, gbogbo wa la mọ ohun tó lọ. Sùúrù kò ní iye kankan. Bí mo bá gbé e lọ sọ́jà nígbà ayé rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ná an. Torí náà ni ẹkún mi ṣe dà bí ẹkún tí kò nídìí lójú yín, ẹ sì rò pé ẹ̀rín ló máa wò mí sàn.

Ẹnì kan nínú yín tún sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé, "Bó bá bímọ, kò ní máa sunkún ajá." Ó dé etí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ara yín. Mi ò bínú, àmọ́ mo fẹ́ dá yín lóhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílé ọkọ, ọmọ kò tíì dé, mo sì ti gba ààwẹ̀ lórí rẹ̀ ju bí ẹ ṣe lè mọ̀ lọ. N kò fi ajá dípò ọmọ rí. Mo mọ ohun tí ọmọ jẹ́, nítorí mò ń fẹ́ ẹ. Sùúrù, ajá ni, bí ajá ni mo sì ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n bí ọmọ mẹ́fà. Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn wà, ìyá ilé sì ti kú. Ajá ni bàbá yìí ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó bá èèyàn kankan sọ̀rọ̀. Nígbà tí ajá náà kú, wọ́n sọ fún ìjọ wọn pé ìbátan àwọn kan ló kú ní abúlé, kí àwọn lè rí ẹni bá àwọn gbàdúrà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ọlọ́mọ mẹ́fà, ló ní láti wá òkú èèyàn kan tì kí wọ́n tó lè ṣe é ní pẹ̀lẹ́.

Ní 1989, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Kenneth Doka, ṣàlàyé irú ìbànújẹ́ yìí, ìyẹn ọ̀fọ̀ tí àwùjọ kò gbà pé ó tó ọ̀fọ̀. Àlàyé rẹ̀ bá mi mu wẹ́kú. Bí èèyàn bá kú, àwọn ará á dé, wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á jókòó. Ọjọ́ kẹjọ á pé, a ó ṣàdúrà, a ó tún pé jọ. Gbogbo ìyẹn ló ń gba ẹrù náà lórí ẹni díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ rẹ̀ kò ní orúkọ kò rí ìkankan gbà nínú rẹ̀, á tún máa ṣe wàhálà láti fi pamọ́. Wàhálà ìfipamọ́ yẹn ló ń rẹ̀ mí jù. Ní alẹ́, mò ń gbọ́ èékánná rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ara mi ń jí mi ní aago mẹ́ta òru láti lọ ṣílẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, àmọ́ ọpọlọ ti fi ọdún mẹ́tàlá kọ́ ìró yẹn, kò lè gbàgbé rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Kì í ṣe orí ló dàrú. Bó bá jẹ́ pé n kò jẹun mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí n kò lè ṣiṣẹ́, tàbí tó ń ṣe mí bíi kí n má sí mọ́, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ di ti dókítà, bó ṣe máa rí náà nìyẹn bó bá jẹ́ èèyàn ló kú.

Ẹ tún ní àṣà òyìnbó ni kí èèyàn máa ṣọ̀fọ̀ ajá. Ta ni kò gbọ́ àlọ́ ọdẹ nínú wa? Ọdẹ wà lórí igi, àwọn ọ̀tá ń gé igi náà nísàlẹ̀, kò sì pe ìyàwó, kò pe ọ̀rẹ́. Ajá mẹ́ta ló pè: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọ̀pàkàgbọ́mọmì, Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. A jọ gbe orin rẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré, àyà wa á sì máa já títí wọ́n á fi dé. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí kan náà, ní Bẹrẹníìkè, èbúté àtijọ́ kan létí Òkun Pupa ní Íjíbítì, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ibi ìsìnkú ẹranko kan jáde tó ti pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ó fẹ́rẹ̀ tó 600 ẹranko tí wọ́n bá níbẹ̀, ológbò ló pọ̀ jù, ajá àti ọ̀bọ sì wà nínú wọn. Wọ́n rọra tẹ́ wọn sílẹ̀ ni, okùn ọrùn ṣì wà lọ́rùn àwọn kan. Àwọn míì ti darúgbó, eyín ti ká lẹ́nu wọn, àwọn kan ti ṣẹ́ léegun tí ó sì ti san, èyí tó fi hàn pé ẹnìkan ń bọ́ wọn nígbà tí wọn kò lè ṣe nǹkan kan fún un mọ́. Hẹ́ródótù, ará Gíríìsì tó kọ ìtàn Íjíbítì ṣáájú ìgbà yẹn, sọ pé bí ajá bá kú nínú ilé kan níbẹ̀, gbogbo ará ilé á fá irun orí àti ti ara wọn. Bí ẹni yẹn bá jáde síta, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Mo jowú wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kí mi nínú yín. Àfáà wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ kí ajá fara kàn wọ́n, wọ́n sì máa ń gba ọ̀nà ibòmíì bí wọ́n bá rí i. Wọ́n wá bá mi nídìí tábìlì mi, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà." Wọ́n wá sọ hádíìsì fún mi nípa ọkùnrin tí òùngbẹ gbẹ, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga mumi. Nígbà tó jáde, ó rí ajá tó ń lá ilẹ̀ tútù nítorí òùngbẹ. Ó padà sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi kún bàtà rẹ̀, ó fi ẹnu gbé e gòkè, ó sì fún ajá náà mu. Ọlọ́run sì dárí jì í. Àfáà kò sọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lọ sí kíláàsì wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó jẹun ọ̀sán tán láti ìgbà tí Sùúrù ti kú.

Ìdí tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́ nìyí. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kejì girama wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kadà pa ajá rẹ̀ lójú rẹ̀, ó ku ọ̀la kí ó ṣe ìdánwò ìṣirò. Kò sọ fún olùkọ́ kankan. Ó ní òun ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé yàrá olùkọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, torí náà òun ti mọ ohun tí ẹ máa sọ. Òdo ló gbà nínú ìdánwò náà. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni, ó sì ní kí ó kúnlẹ̀ níwájú kíláàsì.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà tún ìdánwò yẹn ṣe. Orúkọ ajá rẹ̀ ni Bíńgò. Bí ẹ bá pè é, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kó sọ bí ajá náà ṣe rí, kí ẹ má sì tètè sọ fún un pé òmíràn á wà. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Ní tèmi, ẹ kí mi kú ọ̀fọ̀ nígbàkigbà tí a bá pàdé, kódà bó pẹ́. Mo ṣì máa gbà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì yín, Ìbàdàn.